Ibi tí ilẹ̀ ń sọnù sí lórí bébà

Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí àjọ UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé lọ́dún 2005, tó hẹ́kítà 75. Bí wọ́n bá ya igbó yìí sórí máàpù tí wọ́n kọ 1:10,000 sí lẹ́sẹ̀, àyè tí yóò gbà lórí bébà kò ju sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró 75 lọ, èyí tí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lè bò mọ́lẹ̀. Kí wọ́n wá mú máàpù mìíràn tí wọ́n kọ 1:50,000 sí. Ìlọ́po márùn-ún 10,000 ni 50,000 jẹ́. Ẹni tó bá kánjú yóò fi 5 pín 75, yóò sì ní 15 ni igbó náà máa gbà lórí bébà kejì. Ṣùgbọ́n bó bá gbé rúlà lé e, 3 péré ni yóò bá níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó jí ilẹ̀ gbé. Nọ́ńbà tó wà lẹ́sẹ̀ máàpù ni kò sọ ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó ń sọ. Ìlà nìkan ló ń sọ̀rọ̀ bá: ọ̀nà, odò, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀, ohunkóhun tí ènìyàn lè na okùn lé láti ibì kan dé ibòmíràn. Nígbà tí wọ́n bá kọ 1:50,000, wọ́n ń sọ pé sẹ̀ǹtímítà kan lórí bébà dúró fún sẹ̀ǹtímítà 50,000 lórí ilẹ̀, ìyẹn ìdajì kìlómítà. Nọ́ńbà náà kò dá ìgbòòrò ilẹ̀ lóhùn rárá. Ilẹ̀ sì rèé, ó ní ìbú, ó ní òòró. Bí máàpù ṣe sún un kì níbùú, bẹ́ẹ̀ náà ló sún un kì lóòró, ẹ̀ẹ̀mejì sì ni ìlọ́po kan náà jẹ nínú rẹ̀.

Àwọn tó ń lẹ táìsì mọ èyí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ ìṣirò fún wọn. Táìsì tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 gùn ní ìlọ́po méjì ju èyí tó jẹ́ 30 lọ, síbẹ̀ mẹ́rin nínú èyí kékeré ni wọ́n máa ń kó jọ kí wọ́n tó rí àyè tí ẹyọ ńlá kan bò. Bí ẹ̀gbẹ́ bá gùn ní ìlọ́po mẹ́ta, mẹ́sàn-án ni wọn yóò kó jọ. Bó bá gùn ní ìlọ́po márùn-ún, ó di 25. Ìdí nìyẹn tí igbó Ọ̀ṣun fi kúrò ní 75 tó bọ́ sí 3. 25 ló yẹ kí wọ́n fi pín in, kì í ṣe 5.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyé. Yúkílíìdì, onímọ̀ ìṣirò tó kọ́ni ní Alẹkisáńdíríà ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, fi ẹ̀rí rẹ̀ sínú ìwé kẹfà nínú àwọn ìwé 13 tó kọ lórí ìṣirò. Orí àwòrán onígun mẹ́ta ló ti bẹ̀rẹ̀, kó tó gbé e dórí àwòrán tí igun rẹ̀ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó béèrè fún ni pé kí àwòrán méjèèjì jọra délẹ̀. Jíjọra yìí ní òfin méjì. Àkọ́kọ́, igun kọ̀ọ̀kan lára àwòrán kan gbọ́dọ̀ bá igun tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀ lára èkejì dọ́gba. Èkejì, nọ́ńbà kan náà gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ti àkọ́kọ́ di ẹ̀gbẹ́ ti ìkejì. Nọ́ńbà yẹn ni ìlọ́po. Bí ìlọ́po ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ 5, ti ìgbòòrò á jẹ́ 5 × 5. Irú àwòrán méjì bẹ́ẹ̀ ni máàpù àti ilẹ̀ tó ń ṣojú fún, àfi bí nǹkan kan bá da jíjọra wọn rú.

Láti orí bébà bọ́ sórí ilẹ̀

Nọ́ńbà ńlá inú òdiwọ̀n máàpù ló máa ń da orí ènìyàn rú. Ọ̀nà tó rọrùn ni kí ènìyàn pa á tì ná, kó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé mítà mélòó ni sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún. Lórí máàpù 1:25,000, mítà 250 ni. Kó wá fojú inú wo àpótí kékeré kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, kó sì kọ mítà 250 sí ìbú rẹ̀ àti òòró rẹ̀. 250 × 250 jẹ́ mítà níbùú-lóòró 62,500. Hẹ́kítà kan sì jẹ́ mítà níbùú-lóòró 10,000, nítorí náà hẹ́kítà 6.25 ló wà nínú àpótí kékeré yẹn. Igbó Ọ̀ṣun yóò gba irú àpótí bẹ́ẹ̀ 12 lórí máàpù yìí, 12 lọ́nà 6.25 sì jẹ́ 75.

Lórí 1:50,000, mítà 500 ni sẹ̀ǹtímítà kan, hẹ́kítà 25 sì ni àpótí kan. Mẹ́ta nínú rẹ̀ ti tó fún igbó náà. Lórí 1:100,000, kìlómítà kan ni sẹ̀ǹtímítà kan, àpótí kan sì di hẹ́kítà 100, débi pé igbó náà kò ní kún àpótí ẹyọ kan. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ló máa gbà. Ní gbogbo ìgbà tí nọ́ńbà òdiwọ̀n bá ti di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ inú àpótí kan a di ìlọ́po mẹ́rin.

Igbó kì í ní ẹ̀gbẹ́ tó gún bíi ti àpótí, pàápàá èyí tí odò ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nítorí náà, àwọn tó ń ka ìgbòòrò lórí máàpù máa ń mú bébà gírọ́ọ̀fù tí ojú ń rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọn a tẹ́ ẹ lórí máàpù, wọn a sì ka àpótí. Bí ẹ̀gbẹ́ àpótí inú bébà náà bá jẹ́ mílímítà méjì, tí máàpù sì jẹ́ 1:25,000, mítà 50 sí mítà 50 ni àpótí kan lórí ilẹ̀, ìyẹn ìdá mẹ́rin hẹ́kítà kan. Wọn a kọ́kọ́ ka gbogbo àpótí tó wà nínú ààlà pátápátá. Lẹ́yìn náà ni wọn a lọ sí etí, níbi tí ààlà ti gba àárín àpótí kọjá. Èyí tí ìdajì rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá wà nínú, wọn a kà á sí ẹyọ kan. Èyí tí kò tó ìdajì, wọn a fò ó. Ohun tí wọ́n fi kún ìkan àti ohun tí wọ́n yọ nínú òmíràn a máa fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn rẹ́. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 300, wọn a fi 4 pín in, hẹ́kítà 75 ni yóò sì jáde.

Bí ilẹ̀ bá kéré, ọ̀nà yìí kò ní ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Oko kòkó hẹ́kítà 5, lórí máàpù 1:50,000, kò ju àpótí tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mílímítà mẹ́rin àbọ̀ lọ. Bí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n bá ṣèèṣì ka mílímítà márùn-ún, oko náà yóò di hẹ́kítà 6.25 lójú rẹ̀. Ìdajì mílímítà, tí kò ju sísanra ìlà bírò lọ, ti fi ju hẹ́kítà kan lọ kún oko olóko. Àṣìṣe náà wọ inú ìbú, ó tún wọ inú òòró. Bí ẹ̀gbẹ́ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà, ìgbòòrò a fi nǹkan bí ìdá méjì ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi máàpù 1:50,000 ta ilẹ̀ ilé. Òdiwọ̀n bíi 1:500 tàbí 1:1,000 ni wọ́n ń lò fún irú rẹ̀, kí ilẹ̀ lè ráyè nà tó lórí bébà.

Ilẹ̀ ilé kan lórí 1:500

Ìwé sọ́fè ilẹ̀ ní Nàìjíríà ní ohun tí ojú máa ń rí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlà pupa ló ń yí ààlà ilẹ̀ náà ká. Ní igun kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà òpó kọnkéré tí wọ́n rì síbẹ̀ wà lára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n kọ gígùn rẹ̀ ní mítà sí, pẹ̀lú ìhà tó kọjú sí ní dígírì. Òdiwọ̀n wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbòòrò ilẹ̀ ní mítà níbùú-lóòró, àti òǹtẹ̀ awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ.

Kí olùrà kan ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, kí òdiwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1:500, kí ilẹ̀ inú rẹ̀ sì jẹ́ onígun mẹ́rin tí kò sí ẹ̀gbẹ́ méjì tó gùn bákan náà, bí ilẹ̀ ẹbí ṣe sábà máa ń rí. Olùrà fẹ́ fi rúlà yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Yóò fi pẹ́ńsù fa ìlà láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́. Ìlà yìí jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 8, ó sì ti pín ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́ta méjì. Láti igun kẹta, yóò fa ìlà mìíràn tó gún régé wá bá ìlà àkọ́kọ́, èyí sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.5. Láti igun kẹrin, ó rí 3.1. Ìgbòòrò onígun mẹ́ta jẹ́ ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́nà gíga rẹ̀, nítorí náà ti àkọ́kọ́ jẹ́ 14, ti èkejì jẹ́ 12.4. Àpapọ̀ wọn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró 26.4 lórí bébà.

Ibí yìí ni ọ̀nà ti pín. Olùrà mọ̀ pé sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà 5 lórí 1:500, ó sì lè fi 5 lọ́nà 26.4, kó ní mítà níbùú-lóòró 132 ni ilẹ̀ òun. Ẹlòmíràn yóò fi 500 lọ́nà 26.4, yóò rí 13,200, yóò fi 100 pín in torí pé sẹ̀ǹtímítà 100 ló ń jẹ́ mítà kan, yóò sì tún bọ́ sórí 132 kan náà. Inú àwọn méjèèjì á dùn pé ìdáhùn wọn bára mu. Bẹ́ẹ̀, wọ́n ti jọ ṣìnà. Sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró 10,000 ló wà nínú mítà níbùú-lóòró kan, kì í ṣe 100. Ká ní ẹnì kejì fi 10,000 pín 13,200 ni, 1.32 ni ì bá rí, ilẹ̀ tí kò gba ibùsùn ẹnì kan, ì bá sì ti fura lójú ẹsẹ̀. Ohun tó mú 132 léwu ni pé ó jọ ilẹ̀ lójú. Ilé kékeré kan lè dúró lórí rẹ̀.

Sẹ̀ǹtímítà kan níbùú jẹ́ mítà 5, sẹ̀ǹtímítà kan lóòró jẹ́ mítà 5, nítorí náà àpótí kan jẹ́ mítà níbùú-lóòró 25. 26.4 lọ́nà 25 jẹ́ 660. Èyí súnmọ́ ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní plọ́ọ̀tì kan ní Èkó, tó jẹ́ nǹkan bíi mítà níbùú-lóòró 669. Ẹni tí kò bá fẹ́ bá ìlọ́po jìjàkadì lè kọ́kọ́ sọ gbogbo ìlà di mítà: 8 di 40, 3.5 di 17.5, 3.1 di 15.5. Bó bá wá ṣe ìṣirò onígun mẹ́ta méjèèjì, 350 àti 310 ni yóò rí, àpapọ̀ wọn sì tún jẹ́ 660. Ọ̀nà yìí kì í tan ènìyàn, nítorí pé ìlà nìkan ló fi òdiwọ̀n yí padà, ohun tí wọ́n sì ṣe òdiwọ̀n fún gan-an nìyẹn.

Bọ́tìnnì 71

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìwé sọ́fè kì í dé ọwọ́ olùrà bó ṣe kúrò lọ́wọ́ awọnlẹ̀. Ẹ̀dà rẹ̀ ni wọ́n ń mú káàkiri, ẹ̀dà ẹ̀dà rẹ̀ nígbà mìíràn. Kí á ní bébà A3 ni awọnlẹ̀ tẹ ìwé yẹn sí. Alágbàtà gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù oní-fọ́tòkọ́pì, ó ní kí wọ́n bá òun fún un mọ́ A4 kó lè wọ inú fáìlì. Oní-fọ́tòkọ́pì tẹ 71 lórí ẹ̀rọ rẹ̀, bébà jáde, wọ́n san owó, wọ́n lọ.

71 yìí, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni, àmọ́ ti ẹ̀gbẹ́ ni. A3 jẹ́ mílímítà 297 sí 420, A4 jẹ́ 210 sí 297, bí ènìyàn bá sì ṣẹ́ A3 sí méjì, A4 méjì ló rí yẹn. Ìgbòòrò wọn jẹ́ ìdajì ara wọn, síbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ wọn kò jẹ́ ìdajì ara wọn. 0.71 lọ́nà 0.71 ló fún ni ní 0.50. Oníbàárà tó bá fẹ́ kí àwòrán gba ìdajì àyè, tó wá ní kí wọ́n tẹ 50, ìdá mẹ́rin ni yóò gbà lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí olùrà wa gbé rúlà lé ẹ̀dà A4 yìí báyìí. Ìlà tó jẹ́ 8 ti di 5.68. Gíga méjèèjì ti di 2.49 àti 2.20. Ìgbòòrò lórí bébà jẹ́ 13.32. Lẹ́sẹ̀ ìwé náà, 1:500 ṣì wà níbẹ̀ gbọnyin, torí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì kì í ka ìwé, àwòrán ìwé ló ń yà. Olùrà fi 25 lọ́nà 13.32, ó rí 333. Ó yíjú sí ìwé, ó rí 660 tí awọnlẹ̀ kọ síbẹ̀. Ó lè gbà pé wọ́n fẹ́ rẹ́ òun jẹ, kí ìjà sì bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ 141 láti sọ ìwé di ńlá, ìṣirò kan náà yóò fún un ní nǹkan bí 1,312, inú rẹ̀ á sì máa dùn sí ilẹ̀ tí kò sí.

Ìwé náà fúnra rẹ̀ ló ní ohun tí wọ́n lè fi mú un. Ìlà kan wà lára ààlà tí awọnlẹ̀ kọ mítà 21.40 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lórí 1:500, ó yẹ kí ìlà yẹn jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 4.28 lórí bébà. Lórí ẹ̀dà A4, 3.04 ni. Mítà 21.40 jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2,140. Bí wọ́n bá fi 3.04 pín in, yóò jẹ́ nǹkan bí 704. Òdiwọ̀n ẹ̀dà yìí gan-an nìyẹn, 1:704, ohun yòówù tí wọn ì báà kọ sí i lẹ́sẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà kan jẹ́ mítà 7.04, àpótí kan jẹ́ 7.04 × 7.04, ìyẹn 49.56. 13.32 lọ́nà 49.56 jẹ́ 660. Ilẹ̀ tó sọnù ti padà wá.

Àwọn máàpù kan tún ní ìlà òdiwọ̀n, igi kékeré tí wọ́n pín sí mítà tàbí kìlómítà ní ìsàlẹ̀ àwòrán. Èyí kì í dìbàjẹ́ lẹ́nu ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì, nítorí pé bí àwòrán bá ṣe ń sún kì, bẹ́ẹ̀ náà ni igi yẹn ń sún kì pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí nọ́ńbà tí wọ́n kọ àti ìlà òdiwọ̀n bá ń ta ko ara wọn, ìlà ló yẹ kí wọ́n gbà gbọ́.

Nígbà tí àwòrán kò jọra mọ́

Fọ́tòkọ́pì ń sọ àwòrán di kékeré, àmọ́ kì í ba ìrísí rẹ̀ jẹ́. Kámẹ́rà fóònù lè bà á jẹ́. Ẹni tó bá tẹ́ ìwé sọ́fè sórí tábìlì, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yà á, tó sì fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, ti mú kí ẹ̀gbẹ́ tó súnmọ́ ọn gùn ju bó ṣe yẹ lọ, kí èyí tó jìnnà sì kúrú. Igun ti yí padà. Kò sí ìlọ́po kan ṣoṣo tó lè dá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ padà sí ilẹ̀, bí ènìyàn tilẹ̀ fi ìlọ́po ọ̀hún lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá.

Ọ̀nà àtimọ̀ ni kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan yẹn lórí ẹ̀gbẹ́ tó ju ẹyọ kan lọ, kí àwọn ẹ̀gbẹ́ náà sì kọjú sí ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí ọ̀kan bá ní 1:600, tí èkejì ní 1:602, rúlà ló kàn yẹ̀ díẹ̀. Bí ọ̀kan bá ní 1:600, tí èkejì ní 1:680, àwòrán náà kò jọ ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n béèrè fún ẹ̀dà mìíràn tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ́ pẹrẹsẹ yà.

Òkè náà ń ṣe irú rẹ̀, àmọ́ ní ọ̀nà tirẹ̀. Máàpù ń wo ilẹ̀ láti òkè tààrà, bí ẹni pé gbogbo rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ní ìlú bí Ìdànrè, tí òkúta àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ pọ̀ sí, ẹni tó fa okùn mítà 100 sọ̀kalẹ̀ lórí òkè tó dà ní dígírì 20, kò ní rí ju mítà 94 lọ lórí pláànù. Ṣùgbọ́n òkè dínlẹ̀ kù sí apá kan ṣoṣo ni. Okùn tí wọ́n fà ní ìbú òkè náà, láìgùn ún láìsọ̀kalẹ̀, kò ní dínkù rárá. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ni 0.94 máa jẹ nínú ìgbòòrò. Ilẹ̀ tí okùn ní 100 sí 50, tó pe ara rẹ̀ ní 5,000, yóò jẹ́ 4,700 nínú ìwé. Awọnlẹ̀ kò gé ilẹ̀ ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ títẹ́ pẹrẹsẹ ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ nínú ìwé.

Lọ́ńdọ̀nù àti Ìbàdàn lójú fóònù

Ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, tó ń fi máàpù orí fóònù wo ilẹ̀ tó rà ní Ìbàdàn, lè fẹ́ fi wé ọgbà kan tó wà nítòsí rẹ̀. Ó fi fóònù ya àwòrán méjèèjì láìfi ìka sún ojú máàpù sí i tàbí sẹ́yìn, ó gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń ṣe hà pé ilẹ̀ òun kéré. Ìyàtọ̀ tó rí yẹn wá láti ọ̀nà tí Gẹrádù Mẹkétọ̀ fi ya máàpù àgbáyé lọ́dún 1569, èyí tí ọ̀pọ̀ máàpù orí ẹ̀rọ ṣì ń tẹ̀ lé.

Ọ̀nà Mẹkétọ̀ kì í ba igun jẹ́, nítorí náà ilẹ̀ kékeré kọ̀ọ̀kan ṣì jọ ara rẹ̀ lórí máàpù. Ìlọ́po rẹ̀ ni kò dúró sójú kan. Bí ibì kan bá ṣe ń jìnnà sí àárín gbùngbùn ayé, sí àríwá tàbí sí gúúsù, bẹ́ẹ̀ ni ìlọ́po ń pọ̀ sí i. Ìbàdàn kò jìnnà síbẹ̀, ìlọ́po tirẹ̀ kò sì ju nǹkan bí 1.01 lọ. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 1.6. Pápá bọ́ọ̀lù tó bá tóbi bákan náà ní ìlú méjèèjì yóò gùn ní nǹkan bí ìlọ́po 1.6 ní ti Lọ́ńdọ̀nù lójú fóònù, yóò sì fẹ̀ ní ìlọ́po méjì àbọ̀. Ìdí kan náà ló mú kí Gírínlándì àti Áfíríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba lórí máàpù ara ògiri, nígbà tó jẹ́ pé Áfíríkà tóbi jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 14.

Ohun èlò ìwọnlẹ̀ tó wà nínú máàpù orí fóònù ti ṣe àtúnṣe èyí fúnra rẹ̀, ẹni tó bá fi ìka yí ilẹ̀ rẹ̀ ká níbẹ̀ kò ní ṣìnà. Ẹni tó bá fi rúlà wọn ojú fóònù tàbí àwòrán tó yà kúrò níbẹ̀ ló wà nínú ewu. Kó wo igi òdiwọ̀n kékeré tó wà nísàlẹ̀ bó ṣe ń ti Ìbàdàn lọ sí Lọ́ńdọ̀nù: igi náà a máa nà tàbí kí nọ́ńbà rẹ̀ yí padà.

Ibi tí rúlà mọ

Ìgbòòrò tí awọnlẹ̀ kọ sínú ìwé sọ́fè kò ti orí bébà wá. Inú ibi tí òpó kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣírò rẹ̀, kí wọ́n tó ya àwòrán kankan. Rúlà kò lè tún un ṣe, ó kàn lè sọ bóyá ó yẹ kí ènìyàn fura. Lórí ilẹ̀ onígun mẹ́rin wa yìí, bí olùrà bá fi ìdajì mílímítà ka gbogbo ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jù, 674 ni yóò rí; bó bá kà wọ́n dín, 646 ni. Ohunkóhun tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì ń jẹ́rìí sí 660. Bó bá jẹ́ 333 tàbí 1,312 ló rí, bébà ló ti yí padà, kó fi ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n kọ gígùn rẹ̀ sí wá òdiwọ̀n tuntun. Bí gígùn gbogbo ẹ̀gbẹ́ bá sì bá òdiwọ̀n mu, tí ìgbòòrò nìkan kò bá a mu, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ rúlà. Kó mú nọ́ńbà ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì olórí awọnlẹ̀ ìpínlẹ̀, níbi tí ẹ̀dà tí awọnlẹ̀ fi sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà, kí wọ́n bá a fi tirẹ̀ wé e.